Ìgbà wo ni iṣẹ́ parí? Àdéhùn ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Garki pẹ̀lú dìsáínà ìkànnì wọn

Area 11 ní Garki, ní Abuja, ni ọ́fíìsì náà wà. Lọ́yà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọ̀gá tó dá a sílẹ̀, àǹtí kan tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Kano. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń mú owó wọlé fún wọn jù. Dìsáínà tí wọ́n rí jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Kubwa, tó ń dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Kò ní ọ́fíìsì, kò ní ọmọ iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìwé tí yóò wà láàárín wọn, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ jẹun.

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí dìsáínà lórí Wáàsáàpù kò gùn rárá. Ó ní kó ṣe ìkànnì tó bóde mu fún àwọn, kó parí rẹ̀ kí ọdún òfin tuntun tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn á san ìdajì owó níbẹ̀rẹ̀, àwọn á san ìyókù tó bá ti parí. Wọ́n ti fẹnu kò sí ₦900,000. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé lọ́yà tí kò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ilé láìkà á tán ni yóò gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síta báyìí. Ẹ wo "tó bá ti parí" yẹn. Ta ni yóò sọ pé ó ti parí? Bí ọ̀gá kò bá tíì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ṣé iṣẹ́ ti parí tàbí kò tíì parí? Bí dìsáínà bá ṣe ojúewé mẹ́fà, tí ọ̀gá sì ní mẹ́wàá lòun ní lọ́kàn ńkọ́? Ìwé ojú méjì tí a kọ lẹ́yìn náà, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ojúewé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n: ojúewé àkọ́kọ́, ọ̀kan tó sọ nípa ọ́fíìsì, márùn-ún fún àwọn ẹ̀ka òfin tí wọ́n ń ṣe, ọ̀kan tó to orúkọ àwọn lọ́yà, mẹ́rin fún ìtàn lọ́yà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àdírẹ́sì àti fọ́ọ̀mù, ọ̀kan tó sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìsọfúnni ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn. Lábẹ́ rẹ̀ a kọ ohun tí owó náà kò kàn: kíkọ ọ̀rọ̀, yíya fọ́tò, yíya àmì ọ́fíìsì, ètò íméèlì, àti ojúewé Fesibúùkù. Dìsáínà kò fẹ́ kí a kọ apá kejì yìí, ó ní ó dà bíi pé òun ń ṣahun. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá kọ pé kò sí níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó á gbà pé ó wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ni jẹ.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ lọ́yà tí dìsáínà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè má mọ̀. Ó ti mú àwòṣe kan wá, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn lọ́yà òkè òkun, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ní àárín ojúewé àkọ́kọ́, nọ́ńbà kan ń sáré gòkè láti fi iye ẹjọ́ tí ọ́fíìsì ti jàre hàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń yin lọ́yà wọn, ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún. Abala 39 nínú ìlànà ìwà iṣẹ́ àwọn lọ́yà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2007 gbà kí lọ́yà polówó ara rẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò gbà kó sọ bí iṣẹ́ òun ṣe dára tó, bí ọ́fíìsì òun ṣe tóbi tó tàbí bí òun ṣe ń jàre tó, kò sì gbà kó fi ara rẹ̀ wé lọ́yà mìíràn. Ìlànà tuntun ti jáde ní 2023, ṣùgbọ́n àǹtí lọ́yà ní kò sí lọ́yà tó fẹ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí nítorí nọ́ńbà tó ń sáré lórí ìkànnì. A kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà ẹjọ́, ìyìn oníbàárà, tàbí àmì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ti àmì ilé-iṣẹ́ yẹn, àṣírí oníbàárà ló jẹ mọ́.

Fọ́ọ̀mù náà gba ìjíròrò ju bí mo ṣe rò lọ. Dìsáínà fẹ́ àpótí ńlá kan tí ènìyàn á ti rojọ́ rẹ̀ tán, kó sì fi ìwé kún un. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ á ṣe yá. Àǹtí lọ́yà ló dá a dúró. Ẹni tó ń kọ̀wé lè jẹ́ alátakò oníbàárà tí wọ́n ti gba ẹjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tí ọ́fíìsì sì kà á, ó lè di ohun tí yóò lé wọn kúrò nínú ẹjọ́ tí owó rẹ̀ ti wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí fọ́ọ̀mù bá gbà kì í lọ sí íméèlì nìkan, ó sábà máa ń wà nínú ibi ìpamọ́ ìkànnì náà, lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 sì sọ ọ́ di ẹrù ọ́fíìsì láti tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a wá kọ ni pé fọ́ọ̀mù yóò béèrè orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, àti àlàyé tí kò ju lẹ́tà 200 lọ. Kò ní gba fáìlì. Kò ní tọ́jú ohunkóhun pamọ́ lẹ́yìn tó bá ti fi íméèlì ránṣẹ́. Gbólóhùn kan yóò sì wà lókè bọ́tìnnì pé fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di oníbàárà.

Ibi tí mo dúró sí pẹ́ jù ni ìpele owó. Ìdajì níbẹ̀rẹ̀, ìdajì níparí, àdéhùn tó máa ń dun àwọn méjèèjì ni. Tí ìdajì bá ti wọ àpò dìsáínà, ọ̀gá kò ní ohun tó lè fi fà á mọ́ra títí di òpin. Tí iṣẹ́ bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, dìsáínà ti ṣe ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lórí owó ìdajì, ó wá ń dúró de ẹni tí kò kánjú. Mo pín in sí mẹ́rin, mo sì fi ìlànà kan dè é: ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ so mọ́ ohun tí ojú lè rí, tí dìsáínà sì lè ṣe parí láìsí pé ó dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú ìwé nìyí:

> Ìpele kìíní, ₦270,000: ọjọ́ tí a bá fọwọ́ sí ìwé yìí.
> Ìpele kejì, ₦270,000: nígbà tí a bá gba àwòrán ojúewé àkọ́kọ́ àti ti ojúewé ẹ̀ka òfin kan, fún fóònù àti fún kọ̀ǹpútà.
> Ìpele kẹta, ₦270,000: nígbà tí ojúewé mẹ́rìnlá bá ṣí lórí ìkànnì ìdánwò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tí ọ́fíìsì ti fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí a dá. Ohun tí ọ́fíìsì kò bá tíì fi sílẹ̀, orúkọ àti ipò nìkan ni yóò wà níbẹ̀, a ó sì ka ojúewé náà sí èyí tó parí.
> Ìpele kẹrin, ₦90,000: nígbà tí ìkànnì bá jáde sí gbangba, tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ìpele kẹta yẹn ni ẹ̀mí ìwé náà. Níbi iṣẹ́ ìkànnì, ohun tó ń fa ìdádúró jù kì í ṣe dìsáínà. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ṣèlérí pé òun á kọ ni. Lọ́yà máa ń lọ sí kóòtù láàárọ̀, ó máa ń kọ ìwé ẹjọ́ lálẹ́, ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni ohun ìkẹyìn tó máa rántí láti kọ. Bí owó ìpele kẹta bá so mọ́ "ìkànnì tó pé pérépéré", àfàìmọ̀ kí dìsáínà má lo oṣù mẹ́ta láti máa bẹ àwọn àgbàlagbà fún fọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìtàn lọ́yà méjì ti dé, ti ọ̀gá àti ti ọmọ Kano kò dé. Dìsáínà fi orúkọ àti ipò wọn síbẹ̀, ó fi ìwé owó ránṣẹ́. Ọ̀gá pè mí.

"Kí ni mo fẹ́ san owó fún nígbà tí ojú tèmi gan-an kò sí lórí ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ìpele kẹta nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san án lọ́jọ́ kejì. A ti fi í sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ tàbí fọ́tò tó bá pẹ́ dé, dìsáínà yóò fi sí ipò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ìkànnì bá jáde, nítorí náà kò sí ohun tí ọ̀gá pàdánù.

Lórí ọjọ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n jọ gbà. Ìgbà wo la ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? A kọ pé ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí owó ìpele kìíní àti àmì ọ́fíìsì bá jọ wọlé, èyí tó bá kẹ́yìn nínú méjèèjì ni a ó kà. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan la kà, ìsinmi ìjọba kò sí nínú rẹ̀. Èyí wúlò ní Abuja, torí nígbà Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀, ìjọba lè fi ọjọ́ kan kún ìsinmi nígbà tó bá ti ku díẹ̀, kí ìlú sì ṣófo. A tún fi àkókò ìsinmi ọdọọdún àwọn kóòtù, láti nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ṣe àkókò tí àwọn lọ́yà á yẹ iṣẹ́ wò, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti fèsì sí ohun tí dìsáínà bá fi ránṣẹ́. Bí márùn-ún bá kọjá láìsí èsì, a ó kà á sí pé wọ́n ti gbà á. Àǹtí lọ́yà kò fẹ́ gbólóhùn yìí rárá, ó ní ìdákẹ́ kì í ṣe gbígbà nínú òfin. Mo ní òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ó fi kún un pé dìsáínà gbọ́dọ̀ rán wọn létí ní ọjọ́ kẹrin. Àfikún tó dára ni.

Àtúnṣe ni mo rò pé yóò rọrùn jù, òun ló sì le jù láti kọ. "Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì" tí gbogbo dìsáínà máa ń kọ sínú ìwé wọn kò nítumọ̀ bí a kò bá sọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́. Bí ọ̀gá bá fi ohùn ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé kí wọ́n pa àwọ̀ náà láró, tí àǹtí kọ ọ́ sí íméèlì láàárọ̀ pé àwọ̀ náà dára, tí ọ̀dọ́ lọ́yà pè ní ọ̀sán pé lẹ́tà kéré, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta? Nínú ìwé wa, ẹ̀ẹ̀kan ni àkójọ kan ṣoṣo, tí a kọ sílẹ̀, tó ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá. Àǹtí lọ́yà ni ẹni náà. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ kò tíì wọlé títí yóò fi wà nínú àkójọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fún àwòrán, ẹ̀ẹ̀kan fún ìkànnì ìdánwò. Èyí tó bá lé, ₦25,000 ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohùn alẹ́ yẹn wá lóòótọ́. Dìsáínà dá ọ̀gá lóhùn pé, "Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àǹtí kí wọ́n kọ ọ́ sí tiwọn." Kò sí àríyànjiyàn kankan. Nígbà tí àkójọ dé, àwọ̀ náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, àwọn lọ́yà ti jà á tán láàárín ara wọn. Lójú tèmi, èrè tó tóbi jù nínú àkójọ kan ṣoṣo nìyẹn, pé ìjà inú ilé wọn kò dé ọ̀dọ̀ dìsáínà.

A tún ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí ohun tí ìwé sọ pé yóò ṣiṣẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, àṣìṣe ni, ọ̀fẹ́ ni títí di ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ìkànnì bá jáde. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kó rí bámìíràn, àtúnṣe ni, ó sì jẹ nínú iye tí wọ́n ní. Bí kò bá sí nínú ìwé rárá, iṣẹ́ tuntun ni, iye owó àti ọjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí dìsáínà tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ Kano ló dán èyí wò. Ó ní àwọn tó ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá láti àwọn abúlé tó yí Abuja ká, Hausa ni wọ́n ń kà, kí wọ́n ṣe ojúewé mẹ́ta ní Hausa. Ọgbọ́n gidi ni, inú ọ̀gá dùn sí i, ó sì rò pé "ìyípadà èdè lásán" ni. Ṣùgbọ́n ojúewé mẹ́ta tuntun ni, bọ́tìnnì tí yóò máa yí èdè padà wà níbẹ̀, lẹ́tà Hausa bíi ƙ àti ɗ sì wà tí irú lẹ́tà tí wọ́n ti yàn kò ní, tó jẹ́ pé àpótí òfìfo ló ń yọ dípò wọn. ₦75,000 ni wọ́n san, ọmọ Kano ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn ìjáde ìkànnì kó má bàa dá ìyókù dúró.

Kọ́kọ́rọ́ tí ìpele kẹrin sọ, ohun mẹ́ta ni: dóméènì tó jẹ́ orúkọ tí ènìyàn á tẹ̀ láti ṣí ìkànnì, ibi tí ìkànnì ń gbé, àti àyè alákòóso nínú WordPress, ètò tí a fi kọ́ ìkànnì náà. Orúkọ ọ́fíìsì ni a fi ra dóméènì, káàdì ọ́fíìsì ló san án, íméèlì ọ́fíìsì ni ìkìlọ̀ ìsanwó ọdọọdún ń lọ. Mo ti rí ọ́fíìsì tí dóméènì wọn wà lórúkọ dìsáínà tó ti rìnrìn àjò kúrò ní Nàìjíríà. Ti ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ bákan náà. Àwọn lọ́yà fúnra wọn ló sọ pé lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àwòkọ ti 2022, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, owó tí a san kò gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá sí ìwé. A kọ pé ẹ̀tọ́ yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí ìpele kẹrin bá wọlé, kì í ṣe ṣáájú. Gbólóhùn kan yẹn dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Ó ku ọjọ́ ìjáde. Íméèlì ọ́fíìsì náà wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ìkànnì tuntun sì fẹ́ gbé lọ́dọ̀ òmíràn. Ọ̀nà tó yá jù lójú dìsáínà ni kó gbé gbogbo àkóso dóméènì lọ sí ibi tuntun. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ íméèlì kọ síbẹ̀, lẹ́tà tó bá ń bọ̀ fún ọ́fíìsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, tàbí kó máa wọ àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun. Èyí kejì ló burú jù, torí ẹni tó kọ̀wé kò ní mọ̀ pé kò dé. Àwọn kóòtù kan sì ń fi íméèlì sọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ báyìí. A kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ A, tó ń tọ́ka sí ibi tí ìkànnì ń gbé, nìkan ni yóò yí padà, MX, tó ń tọ́ka sí ibi tí íméèlì ń lọ, kò gbọ́dọ̀ yí, àti pé dìsáínà yóò fi àṣẹ yìí wò ó ṣáájú àti lẹ́yìn, yóò sì fi èsì méjèèjì ránṣẹ́:

```
dig MX example.com +short
```

Orúkọ dóméènì ọ́fíìsì ló ń fi rọ́pò `example.com`. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra. Ó jọra. Lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé ọ́fíìsì fi íméèlì ránṣẹ́ láti inú àpótí tirẹ̀ ti ilé, ó rí i pé ó dé. Ohun tó kù ni àmì kékeré kan nínú WordPress, `Discourage search engines from indexing this site`, tí dìsáínà ti tẹ̀ nígbà ìdánwò kí Google má bàa gbé ìkànnì tí kò tíì pé jáde. Bí a bá gbàgbé láti yọ ọ́, ìkànnì á wà níta, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i bó bá wá a. Ó wà nínú ìwé, dìsáínà yọ ọ́.

₦90,000 tó kẹ́yìn wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀gá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà tó pé, tòun ti wíìgì àti aṣọ kóòtù, dìsáínà sì fi í síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.